Orúkọ Wo Ló Yẹ Ohun Tó Di Èjìká Mú?

Ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ rìn bí mi nínú. Ìmọ̀ràn inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹran mẹ́rin tó di orí eegun apá mọ́ inú ihò èjìká ni wọ́n pè ní "ẹnu-apá-aṣọ ayípo". Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò yẹ kó gbà wá lákòókò. "Àga oníkẹ̀kẹ́" ti tó. "Kẹ̀kẹ́ arọ" ń fi àìlera pe ènìyàn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Rọ́bà tí a ń fà, rọ́bà náà ni. Irin róbótó tí ọwọ́ ń tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo ń pè é ní rímù ọwọ́, nítorí kò sí afẹ́táyà tí kò mọ rímù. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ti di ọmọ ilé, n kò rí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

Ibi tí ìjà wà ni "iṣan". Ìwé náà pe ẹran ara ní iṣan, ó pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní iṣan, ó tún pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun ní iṣan. Nígbà tó wá ní "iṣan rẹ lè ya", èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àwọn alápatà ti yanjú ọ̀ràn yìí tipẹ́: ẹran ni ẹran, ohun funfun líle tí eyín kì í ràn ní ìdí ẹran ni iṣan. Tiwọn ni mo gbà. Kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ máa jẹ́ "iṣan ẹ̀jẹ̀" ní kíkún.

Pẹ̀lú ìyẹn, àlàyé rọrùn. Títi rímù ń mú ẹran àyà lágbára, ti ẹ̀yìn èjìká kò sì rí iṣẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́, orí eegun apá á fà síwájú, á gòkè, á sì máa fún iṣan mọ́ abẹ́ eegun tó bo èjìká lórí. Àwọn ẹran mẹ́rin yẹn ni kì í jẹ́ kó sún bẹ́ẹ̀; nítorí náà, dídì mú niṣẹ́ wọn jù lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń yí apá pẹ̀lú. Mo pè wọ́n ní "adèjìkámú": a, di, èjìká, mú. Bí a ṣe hun "agbẹ́gilére" náà nìyẹn, orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Èyí tó gba oorun lójú mi ni orúkọ eré ìdárayá tó ń fún adèjìkámú lókun. A so rọ́bà mọ́ ibi tó dúró ṣinṣin ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a ká ìgúnpá, a fi mọ́ ìhà, a sì fa ọwọ́ láti iwájú ikùn lọ síta, díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà pè é ní "ìyapá". Ẹ̀gbọ́n kan ní Òṣogbo ka ìwé náà, ó ya apá lóòótọ́: ìgúnpá rẹ̀ kúrò ní ìhà, èjìká rẹ̀ gòkè súnmọ́ etí, ibi tó ń dùn ún tún le sí i. Ọ̀rọ̀ ló ṣì í lọ́nà. Mo ronú kan "ìṣíwọ́", ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣíwọ́ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá mú "ìṣílẹ̀kùn": ìgúnpá dúró bí ìdè ilẹ̀kùn, ọwọ́ nìkan ló ń ṣí. Nígbà tí onífisíò sọ fún ẹ̀gbọ́n náà pé kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sì fi aṣọ ìnura kékeré há abẹ́ apá kí ìgúnpá má baà sá, ó rí i ṣe. Ìgbà 8, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ìrora bá mú ṣóńṣó èjìká, tí kò sì lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, rọ́bà náà ti le jù.

Iye ọjọ́ yẹn kò ti ojú sánmà bọ́. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Rancho Los Amigos, Kalifọ́níà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú eré ìdárayá yìí: ọ̀sẹ̀ 12, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nínú ilé, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ti àga. Èjìká tó ń dun àwọn tó ṣe é rọ̀ gan-an.

Títi àga náà fẹ́ ọ̀rọ̀. Ìlànà ni pé kí títì gùn, kó rọra, kó má pọ̀ níye, kí ọwọ́ sì já bọ́ sísàlẹ̀ rímù kó tó padà. "Ìtìgbọọrọ" ni mo pè é. N kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìlera, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ tuntun jáde, ẹ kà á sókè fún ẹni tó wà lórí àga, kí ẹ sì wo ibi tí ìgúnpá rẹ̀ gbà.