Ọ̀rọ̀ Ìṣọ́ra Méjì Nínú Àṣamọ̀: Omi Kànga Ìkòsí Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Nínú ìwé tí Ken Hyland kọ ní 1998 lórí ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra nínú àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì, ó pín àwọn ọ̀rọ̀ bí i “ó ṣeé ṣe kí” àti “ó jọ pé” sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń ṣọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bá òtítọ́ mu, àwọn kan ń ṣọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, àwọn yòókù ń bọ̀wọ̀ fún òǹkàwé. Ó wá fi kún un pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ó máa ń ṣòro láti sọ èyí tó ń ṣe gan-an. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ bá a jiyàn lé lórí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá ń ka iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún àṣamọ̀ iṣẹ́ oyè rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì yunifásítì, lẹ́ẹ̀kan ní èdè tó rọrùn fún àwọn tí ó lọ bu omi nínú kànga wọn, ìyàtọ̀ náà ṣeé fi ọwọ́ kàn. Òun náà ló sì ń pinnu ohun tí yóò kù àti ohun tí a ó yọ.

Mo mú àpẹẹrẹ láti Kòsọ́fẹ́, nítorí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n níbẹ̀. Ààtàn Olúsosùn wà ní ẹ̀gbẹ́ Òjótà, kò jìnnà sí Kétu àti Ìkòsí, ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè náà ló sì ń lo kànga tàbí bọ́hòòlù. Èmi ni mo ṣètò iye inú àpẹẹrẹ yìí fún àlàyé. Kò sí ẹni tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má sì fi sọ ìtàn omi Ìkòsí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ bu omi nínú kànga 24, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà ẹ̀rùn. Ó wá òjé nínú wọn. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554:2015, kò gbà ju 0.01 mílígíráàmù òjé lọ nínú lítà omi kan. Kànga mẹ́sàn-án kọjá iye yìí. Mẹ́sàn-án mìíràn ní òjé díẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà tó kù, ẹ̀rọ kò rí òjé kankan nínú wọn, ẹ̀rọ náà kò sì lè rí ohun tó bá kéré ju 0.005 lọ. Bí kànga bá ṣe jìnnà sí ààtàn tó ni òjé inú rẹ̀ ń dín kù, r = −0.41.

Àtúnkọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gbà wá lákòókò púpọ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi ìdajì àyè sọ bí omi ti ṣe pàtàkì fún ẹ̀dá. A ó gé e sí gbólóhùn kan. Ohun tí a ṣe àti ohun tí a rí yóò wà ní ìṣe àtẹ̀yìnwá, ohun tó túmọ̀ sí yóò wà ní ìṣe ìsinsìnyí. A ó kọ “mẹ́sàn-án nínú 24”, a kò ní fi “ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún” nìkan sílẹ̀, nítorí kànga kan péré ló ń sún ìdá yẹn sókè sódò ní bí ìdá mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé nǹkan “pọ̀ gan-an” kò sì gbọdọ̀ wọlé níbi tí àwọn oníṣirò ti fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ pé àbájáde kì í ṣe èèṣì. Alábòójútó tó bá mọṣẹ́ lè parí èyí ní ọ̀sán kan.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra. Mo rí mẹ́rin nínú àṣamọ̀ wa. Èkíní: “ó jọ pé ìwádìí yìí lè ṣàfikún sí ìmọ̀.” Èkejì: “a kò rí òjé ju ààlà ẹ̀rọ lọ nínú kànga mẹ́fà.” Ẹ̀kẹta: “ìbátan wà láàárín jíjìnnà sí ààtàn àti òjé,” tí kò sọ pé ààtàn ló fà á. Ẹ̀kẹrin: “ní àsìkò tí a bu omi náà.” Hyland lè sọ pé gbogbo wọn ń dáàbò bo òǹkọ̀wé, kò sì ní purọ́. Ìdánwò tí mo dábàá yàtọ̀: yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí o wá béèrè bóyá ẹnì kan ní Ìkòsí yóò fi omi rẹ̀ ṣe ohun mìíràn nítorí pé o yọ ọ́. Bí kò bá ní ṣe ohun mìíràn, ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ni. Bí yóò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni, kò sì sí bí èdè ṣe lè rọrùn tó tí a ó fi yọ ọ́.

Ẹ wo èkíní. Kò sí ìyá kan tí yóò pa garawa omi tì nítorí rẹ̀. Kí ó lọ. Ní ti èkejì, bí a bá kọ fún ará àdúgbò pé “kò sí òjé nínú kànga mẹ́fà,” àwọn mẹ́fà náà yóò máa fi omi yẹn po oúnjẹ ọmọ ọwọ́ láìbẹ̀rù, aládùúgbò yóò sì máa wá bù lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí a mọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Òjé lè wà níbẹ̀ tó 0.004, ẹ̀rọ wa kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí iye òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ọmọdé lára. Gbólóhùn tó yẹ ni: “Ẹ̀rọ wa kò rí òjé nínú kànga mẹ́fà. Bí òjé bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kò tó ìdajì ohun tí ìjọba fàyè gbà.” Ó gùn ju “kò sí òjé” lọ, òun ló sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta le jù, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ gbọ́. Bí a bá fi r = −0.41 lọ́po ara rẹ̀, a ó rí 0.17 tàbí súnmọ́ ọn. Ìyẹn ni pé jíjìnnà sí ààtàn bá nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ òjé láàárín àwọn kànga náà rìn. Ìdá 83 tó kù ń bẹ níbòmíràn. Ilé iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì lè dá sí i, àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe lè dá sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni irin páìpù àtijọ́. Nínú ìwé ará àdúgbò, “ààtàn ló ń ba omi wa jẹ́” yóò mú kí ẹni tí kànga rẹ̀ jìnnà sí Olúsosùn fọkàn balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù bátìrì wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra ni yóò gba ọmọ onílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òjé.

Mo mọ àtakò tí wọn yóò gbé dìde: òǹkàwé lásán kò fẹ́ “bóyá,” ó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe. Mo gbà pé ó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe. N kò gbà pé kò lè gbé “bóyá” lọ́wọ́. Obìnrin tó ń ra tòmátò ní Máìlì 12 ń fojú wo apẹ̀rẹ̀ tí kò lè tú dé ìsàlẹ̀, ó ń ṣírò iye tó lè ti bàjẹ́, ó sì ń dúnàádúrà lórí ìyẹn. Ohun tí kò lè gbé ni “bóyá” tí kò sọ ohun tí a kò mọ̀.

Ibi tí ohun tí ènìyàn yóò ṣe ti ń yí padà jù ni ọ̀rọ̀ omi sísè. Àwọn tó ń tún àṣamọ̀ kọ fẹ́ràn kí wọ́n fi ìmọ̀ràn parí rẹ̀, èyí tó sì ń tètè wá ni “ẹ sè é kí ẹ tó mu.” Omi sísè ń pa kòkòrò àrùn, kò ṣe òjé ní nǹkan kan. Bí lítà omi mẹ́rin bá ní 0.02 mílígíráàmù òjé nínú lítà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.08. Sè é títí yóò fi ku lítà mẹ́ta: òjé 0.08 náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, lítà kọ̀ọ̀kan ti wá ní bí 0.027. Ìmọ̀ràn tí ó rọrùn tí ó sì léwu nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ìwé náà sọ fún àwọn onílé mẹ́sàn-án tí kànga wọn kọjá ìlànà ni pé kí wọ́n wá omi mìíràn fún mímu, oúnjẹ sísè àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́, kí wọ́n máa fi ti kànga fọṣọ, kí wọ́n sì fi wẹ̀. Àṣamọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbólóhùn yìí rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ìwé ará àdúgbò nípa sísọ àṣamọ̀ di kékeré kò ní rí i kọ. Orí àbájáde iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ padà sí.

Ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ kan nípa bí a ṣe ń wọn ìrọ̀rùn: òṣùwọ̀n tí Rudolf Flesch gbé jáde ní 1948, tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri, ń wo gígùn gbólóhùn àti iye sílébù inú ọ̀rọ̀. “Kò sí òjé” yóò gba máàkì tó ga ju gbólóhùn tó tọ̀nà lọ. Tí a bá sì gbé e bá Yorùbá, ó fọ́ pátápátá: “ìlera” ní sílébù mẹ́ta, “ìdọ̀tí” ní mẹ́ta, ọmọ ọdún márùn-ún sì mọ méjèèjì. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a ka ìwé náà fún ènìyàn díẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kí a ní kí wọ́n sọ ọ́ padà ní ẹnu ara wọn, kí a wá béèrè pé: “Ká ní kànga yín wà lára mẹ́fà yẹn, kí lẹ ó sọ fún ayálégbé yín?” Bí ẹnì kan bá dáhùn pé omi òun mọ́ pátápátá, gbólóhùn wa ni kò yé e, kí a lọ tún un kọ. Orúkọ onílé kò gbọdọ̀ wọ ìwé náà. Ẹni tó ni kànga ni a ó kọ́kọ́ lọ bá nílé.

Láti inú èyí ni mo ti rò pé ìtò tí a ń lò dorí kodò. Ìlànà 536/2014 ti Àjọṣepọ̀ Yúróòpù béèrè ìwé ará ìlú fún àbájáde ìdánwò oògùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìwádìí bá ti parí ni wọ́n ń kọ ọ́. Èmi ń sọ pé ìwé ará àdúgbò ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ṣáájú àṣamọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ tó bá ń bu omi, erùpẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ ènìyàn, nítorí òun ló ń já ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ yóò mọ̀ pé “ó jọ pé ìwádìí yìí lè ṣàfikún sí ìmọ̀” kò ní iṣẹ́ nínú ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra kẹrin, ti àsìkò, ló kù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìdí gbólóhùn ìlànà ìwádìí ló máa ń sá pamọ́ sí. Ìpele omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè nígbà òjò, òjé inú kànga lè pọ̀ sí i, ó sì lè dín kù. Omi ẹ̀rùn kan ṣoṣo kò lè sọ èwo. Nínú ìwé Ìkòsí, òkè pátápátá ló yẹ kí ó wà, lókè orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti yunifásítì: oṣù tí a bu omi náà, àti pé a kò tíì bù ú nígbà òjò.