Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Lálẹ́: Bí Mo Ṣe Ń Gbá Stardew Valley Láì Ní Wàhálà

Tí mo bá wọlé lálẹ́, tí mo jẹun, tí mo wẹ̀ tán, ohun tó ń ṣẹ́kù fún mi kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí oorun tó gbé mi. Géèmù tó bá ní kí n tún máa sá fún ìbọn lásìkò yẹn, mi ò rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú títì. Stardew Valley ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo, Eric Barone, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe géèmù náà. Ó jáde lórí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2016, ó sì dé orí fóònù Android lọ́dún 2019. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sórí fóònù tán, ẹ lè gbá a láì tan dátà. Oko bàbá bàbá yín lẹ jogún ní abúlé kan, ẹ máa gbin nǹkan, ẹ máa tà á, ẹ ó sì máa bá ará abúlé ṣọ̀rẹ́.

Ìdí tó fi bá ẹni tó rẹ̀ mu ni bó ṣe ń ka àsìkò. Ọjọ́ kan nínú géèmù bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, ó sì parí láago méjì òru. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ibẹ̀ jẹ́ bíi ìṣẹ́jú àáyá 7 tiwa, nítorí náà odindi ọjọ́ kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Tẹ́ ẹ bá sì wọ ibùsùn lọ sùn ni géèmù máa ń tọ́jú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tiyín wá di ọjọ́ méjì pére. Tí ẹnìkan bá pè yín, ẹ ṣí àpò yín nínú géèmù, aago máa dúró. Tẹ́ ẹ bá sì fi ọ̀sẹ̀ méjì má ṣí i, kò sí ohun tó máa bàjẹ́, torí aago ibẹ̀ kì í rìn tẹ́ ò bá sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Lewis, olórí ìlú, á fún yín ní irúgbìn Parsnip mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Agbára yín lọ́jọ́ náà jẹ́ 270. Ọkọ́ máa jẹ 2 lórí ihò kan, omi náà máa jẹ 2. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ́ ẹ bomi rin wọ́n, 60 péré ló lọ. Ẹ fi dòjé gé igbó tó yí yín ká, dòjé kì í jẹ agbára rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sùn, kódà kó jẹ́ ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Lọ́jọ́ kejì, omi nìkan. Lọ́jọ́ kẹta, òjò máa ń rọ̀ dandan lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ ò ní bomi rárá. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ bomi, lọ́jọ́ karùn-ún ẹ kórè. Ẹ kó wọn sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, owó á wọlé mọ́jú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní 35, ìyẹn 525 ó kéré tán, nígbà tí irúgbìn tuntun jẹ́ 20 ní ṣọ́ọ̀bù Pierre. (Pierre kì í ṣí lọ́jọ́rú. Èmi náà rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lásán lẹ́ẹ̀mejì.)

Ohun tó ń mú wàhálà wá kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni òpin àsìkò: ọjọ́ 28 ni àsìkò kọ̀ọ̀kan, ohun ọ̀gbìn ìgbà ìrúwé á kú bí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Parsnip gba ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà ẹ má gbìn ín mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbàgbé omi lọ́jọ́ kan, kò ní kú, ó kàn máa pẹ́ sí i ni. Èkejì ni ihò ìwakùsà. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ máa ń bá yín jà, ẹ fi í sílẹ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ agbéniròkè wà ní gbogbo àgbékà márùn-ún, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, torí ẹ lè padà síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹja pípa náà le fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń dì.

Aago méjì òru gan-an lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Tó bá bá yín níta, ẹ máa dákú, wọ́n á mú ìdá mẹ́wàá owó yín, tí kò ní ju 1000 lọ, agbára ọjọ́ kejì á sì dín kù. Tí aago bá ti di mẹ́wàá alẹ́ níbẹ̀, mo máa ń kọjú sílé.

Ẹ̀tàn kan wà tó ń mú èmi gan-an. Bí ọjọ́ tuntun bá mọ́, lẹ́tà máa wà nínú àpótí, ẹ̀fọ́ á ti hù, ọwọ́ á sì fẹ́ lọ síbẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú iṣẹ́ yín tán, nítorí náà òun ló dáa jù láti pa á. Èmi máa ń pa á kí n tó ka lẹ́tà náà.