Láti Ìdàkọ Wàláà dé Àríyànjiyàn: Nípúrì àti Párìsì nínú Ìtàn Ẹ̀kọ́

Ohun tí a sábà máa ń kà nínú ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ ni pé inú tẹ́ńpìlì ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣẹ̀, kí ó tó dàgbà di yunifásítì. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́: iṣẹ́ tí olùkọ́ ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ náà ni a fẹ́ tẹ̀ lé nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ní Úrúkù, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí, ni a ti rí ìwé kíkọ tí ó pẹ́ jù lọ. Àgbègbè tẹ́ńpìlì Eánà ni ó ti jáde, ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Kristi. Àkọsílẹ̀ ọkà, ẹran àti òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn akọ̀wé tún ní àtòjọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń dà kọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀, àtòjọ orúkọ oyè àti iṣẹ́, ni wọ́n ṣì ń dà kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn náà, láìfi bẹ́ẹ̀ yí i padà.

Ibi tí a ti mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà dáadáa ni Nípúrì. Ní 1951 sí 1952, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilé kékeré kan níbẹ̀, tí wọ́n ń lò ní nǹkan bí ọdún 1740 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n bá àfọ́kù wàláà amọ̀ tí ó tó 1,400 nínú rẹ̀. Ilé gbígbé lásán ni, kì í ṣe tẹ́ńpìlì. Ẹ̀kọ́ náà ti wọ agboolé olùkọ́. Ọmọ á kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ àmì kọ̀ọ̀kan sí amọ̀, yóò kọ́ sílébù, yóò kọ́ orúkọ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni àtòjọ orúkọ igi, ìkòkò àti ẹranko, ìṣirò ìsọdipúpọ̀, ìwé àdéhùn àti òwe yóò tẹ̀ lé e, kí ó tó kan lítíréṣọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn lára wàláà fúnra rẹ̀. Olùkọ́ á kọ iṣẹ́ sí apá òsì, ọmọ á dà á kọ sí apá ọ̀tún, yóò pa á rẹ́, yóò tún un kọ. Apá ọ̀tún náà a máa fẹ́lẹ́ ju ti òsì lọ nítorí pípa tí wọ́n ń pa á rẹ́. Bí a bá yí wàláà náà padà, a ó bá iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá tí ọmọ náà kọ láti orí. Èdè Sumérì ni gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń fi í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Akadíà ni wọ́n ń sọ. (Àwa tí a ń kọ́ni lédè kọ̀ọ̀kan yóò mọ irú ẹrù tí èyí jẹ́ fún ọmọdé.) Ẹni tí ó bá dà á kọ láìṣì ni ó mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a fò dé Párìsì. Látìnì ni èdè ẹ̀kọ́ níbẹ̀, òun náà kò sì sí lẹ́nu ìyá ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Kàtídírà Notre-Dame àti àwọn olùkọ́ tí ó dá dúró yí i ká ni ó di yunifásítì. Ní nǹkan bí ọdún 1120, Pétérù Abẹ́lárdì kó ìbéèrè 158 jọ. Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó to ọ̀rọ̀ àwọn Bàbá Ìjọ tí ó ta ko ara wọn, kò sì parí ìjà náà fún òǹkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irú ìwé báyìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò lè dà á kọ kí ó dákẹ́. Ó di dandan kí ó ronú.

Ní 1215, òfin fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ni ní ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà kí ó tó pé ọmọ ọdún 21, àti ọmọ ọdún 35 fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ nínú rògbòdìyàn 1229, àwọn olùkọ́ pa ẹ̀kọ́ tì, wọ́n sì fi ìlú sílẹ̀. Ní 1231, Póòpù Gírígórì Kẹsàn-án fún wọn ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí wọ́n bá fi ìyà jẹ wọ́n. Ìyanṣẹ́lódì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa!

Àríyànjiyàn ní ìlànà. Ọ̀gá á gbé ìbéèrè kalẹ̀, àwọn kan á gbógun tì í, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan á dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ mìíràn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ á wá ṣe ìdájọ́. Ní àsìkò Àdìfẹ́ńtì àti Lẹ́ńtì, ọ̀gá tí ó bá láyà lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohunkóhun. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní 1271 ni wọ́n ti bi Tọ́másì ará Àkúínò bóyá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tàbí àlàyé ni ó yẹ kí ọ̀gá fi ṣe ìdájọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí a bá fẹ́ mú iyèméjì kúrò nípa ohun tí ó jẹ́ òtítọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tí alátakò gbà ni kí a lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ láti kọ́ni ni, àlàyé tí ó dé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni kí a lò. Láìṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ṣùgbọ́n kò ní ní ìmọ̀, òfìfo ni yóò sì bá lọ. Èyí jìnnà pátápátá sí ìdájọ́ Nípúrì.

Síbẹ̀, òmìnira náà ní ààlà. Kò sí àyè fún obìnrin níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1277, Bíṣọ́ọ̀bù Etiẹ́nì Tempié fi òfin de gbólóhùn 219 tí wọ́n ní wọ́n ń jà lé lórí ní ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà. Díẹ̀ nínú wọn kan èrò Tọ́másì fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú.