“Ọba Wàjà” Lédè Gẹ̀ẹ́sì: Ohun tí Àkànlò-èdè ń Pàdánù Lọ́wọ́ Atúmọ̀-èdè

Ní ọdún 1964, ilé ìtẹ̀wé Mbárí ní Ìbàdàn tẹ eré onítàn mẹ́ta tí Dúró Ládiípọ̀ kọ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ulli Beier ni ó túmọ̀ wọn. Orúkọ méjì nínú àwọn eré náà jẹ́ gbólóhùn tí àwọn Yorùbá ti sọ di àkànlò-èdè, èyí ni Ọba Kò So àti Ọba Wàjà. Ọ̀nà tí a gbà túmọ̀ méjèèjì kò jọra. A tú Ọba Kò So ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, pé ọba náà kò pokùn so. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi rọ́pò Ọba Wàjà kò ju pé ọba ti kú lọ. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó gbé sọnù.

“Wọ” àti “àjà” ni ó para pọ̀ di “wàjà”. Òkè yàrá ni àjà wà, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn ará ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó wàjà kò kúrò nínú ilé. Ó kàn bọ́ sí ibi tí ojú kò tó o mọ́ ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ni gbólóhùn yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ń fi ipò ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí hàn, nítorí ọba ni í wàjà. Àgbàlagbà a máa papò dà, ọ̀dọ́ a sì máa kú. Ó tún ń yẹra fún ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ nípa ọba. Ìtumọ̀ tí ó wí pé ọba ti kú mú iṣẹ́ kan nínú mẹ́ta, ó fi méjì sílẹ̀.

Òfò yìí kì í ṣe kékeré nínú eré náà. Ládiípọ̀ gbé e ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Àṣà béèrè pé kí Olókùn Ẹṣin bá ọba lọ. Aláṣẹ òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Bí ọba bá kú, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, kí ni ẹlòmíràn ń bá a lọ ṣe? Ṣùgbọ́n bí ó bá wàjà, ó ń gbé níbì kan, ó sì yẹ kí ẹni tí ń di okùn ẹṣin rẹ̀ mú wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ni àìgbọ́ra-ẹni-yé òyìnbó náà àti àwọn ará Ọ̀yọ́ wà, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì jẹ́ kí òǹkàwé rí i.

Síbẹ̀, títú ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ kọ́ ni àtúnṣe. Bí a bá kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọba wọ inú àjà, òǹkàwé yóò rò pé àkàbà ni ó gùn lọ wá ẹrù, ẹ̀rín ni yóò sì rín. Ọba Kò So fi irú ewu mìíràn hàn nínú ọ̀nà yìí kan náà. Ìtàn kan sọ pé Ṣàngó pokùn so. Àwọn tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọba kò so. Gbólóhùn náà wá di ohun tí a fi ń júbà Ṣàngó. Ẹni tí ń sọ ọ́ kò jẹ́rìí sí ọ̀ràn kan, ìforíbalẹ̀ ni ó ń ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó dé inú Gẹ̀ẹ́sì láìyingin, ṣùgbọ́n ìròyìn ni òǹkàwé rí, kò rí ìjúbà.

Ọ̀fìn kẹta ni kí a fi àkànlò-èdè rọ́pò àkànlò-èdè láìwo ipò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ nípa ẹni tí ó kú pé ó ta garawa nípàá. Ikú ni òun náà ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Bí a bá lò ó fún Aláàfin, ìtumọ̀ kò sọnù, ọ̀wọ̀ ni ó sọnù.

Atúmọ̀-èdè ní láti kọ́kọ́ mọ èwo nínú iṣẹ́ mẹ́ta náà ni ibi tí ó ń tú kò lè ṣe aláìní. Fún eré Ládiípọ̀, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wí pé ọba ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ ìbá pa ọ̀wọ̀ mọ́, ìbá sì fi hàn pé ó ń gbé níbì kan, bí ó tilẹ̀ pàdánù àwòrán àjà. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dán irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ wò: kí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, tí kò rí ti àkọ́kọ́, tú u padà sí Yorùbá. Bí “ọba kú” ni ó bá kọ, ọ̀wọ̀ ti bọ́. Bí ó bá kọ “ọba gun àjà”, àwòrán nìkan ni ó dé. Bí ó bá kọ “ọba wàjà”, ìtumọ̀ náà dúró.

Ìdánwò yìí wáyé ní tòótọ́ lọ́nà kan. Wọlé Ṣóyínká kọ eré Gẹ̀ẹ́sì lórí ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tú u sí Yorùbá ní ọdún 1994, ó sì pe ìwé náà ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká lò fún ikú kò sọ ipò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Yorùbá kò gba irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú orúkọ tuntun náà, oyè Ọ̀yọ́ padà sí ipò rẹ̀, ìránṣẹ́ ọba sì kú, kò wàjà.