Fífi Apá Kan Owó Oṣù Sílẹ̀ fún Owó Ìfẹ̀yìntì

Fífi apá kan owó oṣù sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì ni àdéhùn tí òṣìṣẹ́ ń bá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pé kí iye kan nínú owó oṣù òun máa bọ́ sínú àpò ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jù ni owó àtinúwá. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004, ló fàyè gbà á ní àfikún sí owó dandan: ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́.

Ìṣirò

Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kìíní 2026. Lọ́dún, kò sí owó orí lórí náírà 800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 ló wà lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 sì wà lórí 9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Ká ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ń gbé ní Dùgbẹ̀ ń gba náírà 300,000 lóṣù, tí kò sì ní ìdẹ̀ra owó orí mìíràn. Owó dandan rẹ̀ jẹ́ 24,000, owó orí rẹ̀ 32,180. 243,820 ló ń délé. Bó bá fi 20,000 àtinúwá kún un, owó orí á wálẹ̀ sí 28,580, èyí tó máa délé á sì di 227,420. Owó tó ń mú lọ sílé fi 16,400 dín, ṣùgbọ́n 20,000 ló wọ àpò ìfẹ̀yìntì. Ìyàtọ̀ 3,600 ni owó orí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ì bá gbà, nítorí ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí owó oṣù rẹ̀ ń lọ, bí olú iléeṣẹ́ tiẹ̀ wà ní Èkó.

Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin kì í san owó orí, nítorí náà kò sí èrè owó orí kankan fún un níbẹ̀.

Gígé owó oṣù gan-an

Ní Bìrìtéènì, wọ́n máa ń dín owó oṣù kù nínú àdéhùn iṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ lè dá iye náà sínú àpò, torí pé èyí tún ń dín owó ìdójútòfò ìjọba kù. Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kì í san irú owó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gé 20,000 yẹn kúrò lára owó oṣù ìpìlẹ̀, owó ilé tàbí owó ọkọ̀, àwọn tí wọ́n fi ń ṣírò owó dandan, tí iye dandan náà kò sì ju èyí tó kéré jù lọ, ìdá 10 agbanisíṣẹ́ á fi 2,000 dín, ìdá 8 òṣìṣẹ́ á sì fi 1,600 dín. Owó àtinúwá kì í fa àdánù yìí.

Àbùkù àti àríyànjiyàn

Bí owó tó ń délé bá dín tán tí iye tó wà níwájú PAYE lórí ìwé owó oṣù kò yí padà, lẹ́yìn owó orí ni wọ́n yọ owó náà. Ó tún yẹ kó hàn nínú àkọsílẹ̀ àpò ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn sísan owó oṣù ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti fi owó náà ránṣẹ́.

Òfin 2014 sọ pé èrè orí owó àtinúwá tí a bá gbà kí ọdún 5 tó pé yóò san owó orí. Bóyá owó tí a dá gan-an náà lè san án, ó jọ pé ohùn kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀.