Igi Ẹ̀gẹ́ Lára Ògiri: Bí Ìwé Olùkọ́ Àgbẹ̀ Ṣe Lè Di Pósítà ní Agbègbè Wàrì

Láti àárín àwọn ọdún 1970 tí ètò ADP ti bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe, kí ó tó tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, olùkọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́, òun ni yóò sì fi ẹnu gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sóko. Nítorí náà, olùkọ́ ni wọ́n kọ ìwé ẹ̀kọ́ náà fún. Ẹni tó bá gé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kúrú, tó wá lẹ àwòrán mọ́ ọn, kò tíì ṣe pósítà fún àgbẹ̀. Èrò mi ni pé kí a yan wákàtí kan péré nínú iṣẹ́ oko, kí a sì ya ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní wákàtí náà.

Àwọn kan gbà pé aláìmọ̀wé ni àwòrán wà fún. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Wàrì, tó tún ń dín gààrì, tó ń fún sítáàṣì fún ọbẹ̀ bangá, lè mọ̀wé dáadáa, kó má sì ráyè ka ojú ewé méjì. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀: Urhobo, Itsekiri, Ijaw àti píjìn ni wọ́n ń sọ lágbègbè náà. (Itsekiri bá Yorùbá tan, àmọ́ ìyẹn kò ran àgbẹ̀ Urhobo lọ́wọ́.) Èdè tí a bá kọ gàdàgbà sójú pósítà ti yan àwọn kan, ó ti fi àwọn kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú wákàtí tí wọ́n ń gé igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn. Ohun tó wà nínú ìwé olùkọ́ kò ju èyí lọ: igi tó ti lo oṣù mẹ́jọ sí méjìlá, kí a gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kí ó ní ojú márùn-ún sí méje, kí a dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nínú ebè, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀, kí mítà kan wà láàárín igi kan àti èkejì.

Kò sẹ́ni tó ń gbé rúlà lọ sóko. Ṣùgbọ́n ìwé A2 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 42, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 59.4, igi tó gùn tó 25 yóò gbà sínú rẹ̀ láìdín kù. Ẹ yà á bó ṣe tóbi gan-an, kí àgbẹ̀ lè gbé igi tirẹ̀ lé e, kó sì wo ibi tí àdá yóò ti gbà. Ojú mẹ́fà ni kí ẹ yà, kó hàn ketekete. Ẹ ya àpá ewé sísàlẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ la fi ń mọ orí igi yàtọ̀ sí ìdí. Igi tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò máa ń pẹ́ kó tó hù, kì í sì í ṣe dáadáa.

Ibi tó le ni ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ayàwòrán yóò fẹ́ la ebè sí méjì kí inú rẹ̀ lè hàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ebè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ya ọwọ́ tí ó fi ìka mẹ́rin ti ẹ̀gbẹ́ igi tó kù lókè ilẹ̀. Ìka mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ìyẹn sì ni ìdá kan tó yẹ kó yọ síta.

Àwọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fi ìlà pupa méjì dábùú àṣìṣe. Bí oòrùn bá pa pósítà fún oṣù mélòó kan, pupa àti yẹ́lò ló sábà máa ń ṣáájú lọ, búlúù ni yóò kù. Ìlà pupa á pòórá, igi tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò á wà níbẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ní ká ṣe. Ẹ fi dúdú fa ìlà náà, tàbí kí ẹ má ya àṣìṣe rárá. Bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ ya àrùn mòsáíìkì ti ẹ̀gẹ́: ewé tó fi yẹ́lò ṣe àbàwọ́n kò ní hàn mọ́ bí wọ́n bá fi fọ́tòkópì dúdú òun funfun tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ewé náà lọ́, kó sì kéré, kí àrùn lè hàn láìsí àwọ̀. Òjò Wàrì náà kì í fi bébà sílẹ̀; ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ sì gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, torí pé àwọn ènìyàn máa ń dúró de ìgbà tiwọn níbẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ẹ̀dà kan fún àgbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi wọ́n pé, “Ṣé ó yé yín?” Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àlejò yóò ní ó yé òun. Ẹ bèèrè pé, “Kí lẹ rí níbí, mà?” Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi gígùn kan àti àdá lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ má sì sọ nǹkan kan. Bí ẹni méjì bá gé e kúrú, tàbí tí wọ́n ń ka àwòrán láti ọ̀tún, ẹ tún àwòrán náà yà kí ẹ tó san owó ìtẹ̀wé.