Èlé orí owó ọjà tó pẹ́ san

Owó tí olùtajà ń bù lé gbèsè lóṣooṣù bí ọjọ́ ìsanwó inú ìwé owó bá ti kọjá. Orí owó tó ṣẹ́kù nìkan ni wọ́n ń ka èlé náà lé. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ta páálí ₦1,000,000, tí oníbàárà sì san ₦400,000 kí ọjọ́ tó pé: ìdá 2 nínú 100 lórí ₦600,000 tó kù jẹ́ ₦12,000 lóṣù kan. Bó bá tún san ₦300,000, èlé oṣù tó tẹ̀ lé e á wálẹ̀ sí ₦6,000.

Nínú ẹjọ́ Ekwunife àti ilé iṣẹ́ Wayne (1989), Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà ní àdéhùn, òfin tàbí àṣà ìṣòwò ló lè fún ẹni tí wọ́n jẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí irú èlé yìí. Èyí tí olùtajà dá kọ sísàlẹ̀ ìwé owó lẹ́yìn tí ọjà ti lọ ṣòroó gbà.